Láti ara ọ̀rá dé inú pọ́ǹpù: bí a ṣe ń fi fọ́tò lébẹ́ẹ̀lì ṣírò ajílẹ̀ fún pulọ́ọ̀tì ata

Lálẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí wọ́n ń dáko ní Ìsẹ́yìn fi fọ́tò ọ̀rá ajílẹ̀ kan ránṣẹ́ sí mi lórí Wásáàpù. Ajílẹ̀ oníyẹ̀fun ni, kílò kan, irú èyí tí a ń pò mọ́ omi tí a sì ń fín sí ewé. Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ fọ́tò náà ni pé: “Àbúrò, ṣíbí mélòó ni kí n dà sínú pọ́ǹpù kan? Ẹni tó tà á ní kí n da márùn-ún sí mẹ́wàá, kí n ṣáà fojú wò ó.”

Mo ní, “Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fojú wo nǹkan kan.” Ẹni tó da ṣíbí mẹ́wàá ti da ìlọ́po méjì ti ẹni tó da márùn-ún. Ewé ata rodo kì í fara da irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Iye tó yẹ ti wà lára ọ̀rá yẹn, àmọ́ kò wà níbẹ̀ ní ṣíbí, kò sì wà níbẹ̀ ní pọ́ǹpù. Kílò fún hẹ́kítà ni wọ́n fi kọ ọ́, Àǹtí mi kò sì ní hẹ́kítà. Pulọ́ọ̀tì kan ni wọ́n ní. Bí a ṣe gbé iye yẹn láti ara ọ̀rá dé inú ṣíbí ni mo fẹ́ kọ síbí. Ajílẹ̀ tí a ń fín sí ewé nìkan ni mo ń sọ o. Ajílẹ̀ oníkóró inú àpò kílò 50, tí a ń bù sí ìdí ohun ọ̀gbìn, ní ìṣirò tirẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ ya fọ́tò tí ènìyàn lè kà

Fọ́tò àkọ́kọ́ tí Àǹtí mi fi ránṣẹ́ kò wúlò. Ọ̀rá yẹn ń dán, wọ́n sì tan iná fóònù sí i nínú ilé, ìmọ́lẹ̀ wá bo ibi tí mò ń wá gan-an mọ́lẹ̀. Mo ní kí wọ́n dúró di àárọ̀, kí wọ́n gbé e sí abẹ́ òjìji lóde, kí wọ́n fi ọwọ́ tẹ́ ẹ kí ó má ká jọ, kí wọ́n sì pa iná fóònù. Fọ́tò mẹ́ta ni mo béèrè: iwájú ọ̀rá lódindi, ẹ̀yìn rẹ̀ lódindi, àti pátákó kékeré tó wà lẹ́yìn níbi tí wọ́n ti to orúkọ ohun ọ̀gbìn àti iye ajílẹ̀ sí, kí wọ́n sún mọ́ èyí dáadáa.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Bí ẹ bá fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí Wásáàpù bí a ṣe máa ń ṣe é, Wásáàpù á fún un kéré kó lè tètè lọ, lẹ́tà wẹ́wẹ́ á sì di ẹ̀gbọ̀n òwú. Ẹ tẹ àmì ìsokọ́, ẹ yan `Document`, kí ẹ wá mú fọ́tò náà láti ibẹ̀. Yóò dé bí ẹ ṣe yà á gan-an. Ẹni tó bá gbà á lè fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́ títí yóò fi rí gbogbo àmì tó wà níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ mọ nọ́ńbà tí ẹ ń wá

Nọ́ńbà tó tóbi jù lórí ọ̀rá kì í ṣe èyí tí a fẹ́. Níwájú ti Àǹtí mi, wọ́n kọ 20-20-20 gàdàgbà. Wọ́n bi mí pé, “Ṣé ṣíbí 20 ni ìyẹn ń wí ni?” Rárá o. Ohun tí ń bẹ nínú rẹ̀ ni ó ń sọ. Nínú gíráàmù 100 ajílẹ̀ yìí, gíráàmù 20 jẹ́ náítírójìn tí ń mú ewé dúdú, 20 jẹ́ fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tí wọ́n wọ̀n ní P2O5, 20 sì jẹ́ pọtásíọ́ọ̀mù tí wọ́n wọ̀n ní K2O. A ó padà sí nọ́ńbà yìí nígbà tó bá yá, àmọ́ kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú iye tí a ó pò.

Ẹ̀yìn ọ̀rá ni ọ̀rọ̀ wà. Lórí ìlà ata àti tòmátì, nǹkan mẹ́rin ni mo kà jáde nínú fọ́tò ọjọ́ Sunday, mo sì kọ wọ́n sórí ìwé kí n tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìṣirò: ajílẹ̀ 2.5 kg/ha; omi 400–600 L/ha; kí ó má kọjá 0.5%; àti ọjọ́ 10 sí 14 kí a tó tún un fín.

Ìkẹta nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni àwọn ènìyàn máa ń fò. Ó sì jẹ́ òun ni ewé ń gbọ́. 2.5 kg/ha ń sọ iye tí ilẹ̀ yóò gbà lápapọ̀; 0.5% ń sọ bí omi inú pọ́ǹpù ṣe lè le tó kí ewé tó jó. Lítà omi kan wọn gíráàmù 1000. Nítorí náà, ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ gíráàmù 5 nínú lítà kan. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀: 5 g/L. Tí ọ̀rá tiyín bá wí pé gíráàmù 100 nínú lítà 20, ohun kan náà ni ó ń sọ. Ẹ fi 20 pín 100, ẹ ó rí 5.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ yẹ dọ́ọ̀tì wò

Kí n tó máa bá Àǹtí mi lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ara mi. Ewédú kan wà lẹ́yìn ilé mi ní Ìbàdàn tí mo fi ọwọ́ ara mi jó. Fọ́tò tí mo ti yà tipẹ́ ni mo ń kà, ọ̀rá náà ti sọnù. Mo ka 25 kg/ha, mo ṣírò rẹ̀ dáadáa, ìṣirò náà kò ní àléébù kankan. Ní ọjọ́ kejì, etí gbogbo ewé ti rí bí ìwé tí iná rà. Àṣé 2.5 ni, eruku ti bo dọ́ọ̀tì àárín rẹ̀.

Láti ìgbà yẹn, n kì í gba nọ́ńbà kan gbọ́ láìfi ìkejì yẹ̀ ẹ́ wò. Nọ́ńbà mẹ́ta orí ìlà yẹn máa ń bá ara wọn mu. Ẹ mú àárín iye omi tí wọ́n kọ, ìyẹn lítà 500. Ẹ pín ajílẹ̀ sí i:

```
2.5 kg = 2500 g
2500 ÷ 500 = 5 g/L
```

Ó bá 0.5% mu rẹ́gírẹ́gí, nítorí náà 2.5 tí mo kà tọ̀nà. Ká ní 25 ni mo kà, ohun tí ìbá jáde ni gíráàmù 50 nínú lítà kan, ìlọ́po mẹ́wàá ohun tí ọ̀rá náà fúnra rẹ̀ gbà láàyè. Bí ẹ bá rí ìyàtọ̀ tó tó báyìí, dọ́ọ̀tì ti bọ́ níbìkan, tàbí ẹ ti ka ìlà ohun ọ̀gbìn mìíràn. Àwọn ìlà orí pátákó wọ̀nyẹn há mọ́ra. Ó rọrùn kí ojú fò láti orí ata bọ́ sórí àgbàdo.

Bí ọ̀rá bá fúnni ní nọ́ńbà kan ṣoṣo, tí kò sí ohun tí a lè fi yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ mọ èyí dání: ọ̀pọ̀ ajílẹ̀ fífín oníyẹ̀fun bọ́ sí gíráàmù 2 sí 5 nínú lítà kan. Èyí tó bá bọ́ sí 20 tàbí 50, ẹ padà lọ wo ọ̀rá fúnra rẹ̀, kì í ṣe fọ́tò.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ wọn ilẹ̀, ẹ má gba “pulọ́ọ̀tì kan” gbọ́

Àǹtí mi ní pulọ́ọ̀tì kan ni oko ata àwọn. Ọ̀rọ̀ yìí kò dúró lójú kan nílẹ̀ Yorùbá. Níbìkan, pulọ́ọ̀tì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 lọ́nà 100, ìyẹn bíi mítà alápá mẹ́rin 465. Níbòmíràn, ẹsẹ̀ bàtà 60 lọ́nà 120 ni, ìyẹn bíi 669. Ìkejì fi nǹkan bí ìdajì ju ìkíní lọ. Ẹni tó bá fi ajílẹ̀ ti ìkejì sórí ìkíní ti da ìdajì lé e kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n kò ní téèpù. Mo ní kí wọ́n wá okùn, kí wọ́n fi rúlà ilé ìwé ọmọ wọn wọn mítà 10 sórí rẹ̀, kí wọ́n ta kókó sí ibẹ̀. Ibi tí ata dé nìkan ni wọ́n wọ̀n, wọ́n yọ ọ̀nà àti etí oko tí koríko wà kúrò. Mítà 15 ní ìbú, 30 ní gígùn. 15 lọ́nà 30 jẹ́ 450. Tí oko yín bá ya ẹ̀gbẹ́ kan bí eyín erin, ẹ gé e sí méjì nínú ọkàn yín: apá tó gún régé, àti apá onígun mẹ́ta tó kù. Gígùn apá onígun mẹ́ta náà lọ́nà ìbú rẹ̀, kí ẹ wá pín in sí méjì, lẹ́yìn náà ẹ ro méjèèjì pọ̀.

Ìgbésẹ̀ 5: Iye ajílẹ̀ fún gbogbo oko

Hẹ́kítà kan jẹ́ mítà 100 lọ́nà 100, ìyẹn 10,000. Bí 10,000 bá ń gba kílò 2.5, èló ni 450 yóò gbà?

```
2.5 × 450 ÷ 10000 = 0.1125 kg
0.1125 × 1000 = 112.5 g
```

Gíráàmù 112 àti ààbọ̀, fún gbogbo oko, nínú ọ̀rá kílò kan. Ẹnu ya Àǹtí mi. Wọ́n ti ń múra láti da ìdajì ọ̀rá náà lọ́jọ́ kan.

Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dúró sí. Wọ́n á bu gíráàmù 112 sínú omi tó bá wà nínú pọ́ǹpù, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí fín. Àmọ́ a kò tíì mọ iye omi tí oko náà máa ń mu.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ fi omi lásán dán ẹsẹ̀ ara yín wò

Kò sí ọ̀rá kan tó lè sọ iye omi tí pọ́ǹpù yín ń tú jáde, nítorí pé ó wà lọ́wọ́ ẹnu pọ́ǹpù náà, bí ẹ ṣe ń fa apá rẹ̀, àti bí ẹsẹ̀ yín ṣe yá tó. Ẹni gíga kan lè sáré fín oko kan pẹ̀lú lítà 12, kí ẹlòmíràn sì fi 25 fín oko kan náà.

Ẹ na okùn yí mítà 10 lọ́nà 10 ká, láàárín ata gan-an, kì í ṣe lórí ilẹ̀ gbalasa níbi tí ẹsẹ̀ yóò ti yá jù. Ẹ da omi lásán lítà 10 sínú pọ́ǹpù. Ẹ fín ibẹ̀ bí ẹ ṣe máa ń fín, ẹ má ṣe é bí ẹni tí wọ́n ń wò. Nígbà tí ẹ bá parí, ẹ da èyí tó kù sínú garawa, kí ẹ wọ̀n ọ́n. Ìgò omi sẹ́ǹtílítà 75 tí a ń rà lẹ́bàá ọ̀nà ni ìwọ̀n tó dára jù fún èyí, nítorí kì í purọ́.

Ti Àǹtí mi, lítà 6 ló kù, ìyẹn ni pé lítà 4 ló lọ sórí mítà alápá mẹ́rin 100. Oko wọn jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin àti ààbọ̀ ìyẹn. Nítorí náà, lítà 18 ni gbogbo oko yóò mu.

Ìgbésẹ̀ 7: Ibi tí ilẹ̀ àti ewé kò ti fẹnu kò

Ẹ jẹ́ kí a fi ajílẹ̀ pàdé omi:

```
112.5 ÷ 18 = 6.25 g/L
```

Ọ̀rá ní kí ó má kọjá 5. A ti ṣe gbogbo nǹkan bó ṣe yẹ, iye tí ilẹ̀ yóò gbà sì pé, síbẹ̀ omi inú pọ́ǹpù ti le jù fún ewé. Kò sí ẹni tó ṣe àṣìṣe. Ẹsẹ̀ Àǹtí mi ló yá, omi wọn kéré, ajílẹ̀ wá há mọ́ inú omi díẹ̀.

Ọ̀nà méjì ló wà. Èkíní ni kí a fi omi kún un. Gíráàmù 112.5 ń fẹ́ lítà 22.5 kí ó tó jẹ́ 5 g/L. Ìyẹn ń fẹ́ lítà 5 lórí ibi ìdánwò wa, kì í ṣe 4. Kí wọ́n rọra rìn, kí wọ́n sì tún omi lásán fín lẹ́ẹ̀kan sí i títí yóò fi jẹ́ 5. Ọ̀nà kejì ni kí a fi omi sílẹ̀ ní lítà 18, kí a dín ajílẹ̀ kù sí 90.

Bí mo ṣe ń yàn án nìyí. Ẹ wo ewé nígbà tí ẹ bá ń fi lítà 5 dán an wò. Tí ewé bá tutù, tí omi sì dúró lórí rẹ̀, ẹ lo lítà 22.5. Tí omi bá ń kán tótó sílẹ̀ láti orí ewé, ilẹ̀ ni ẹ ń fín, kì í ṣe ata, ẹ padà sí lítà 18 àti gíráàmù 90. Ata tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà, tí ewé rẹ̀ kò tíì bo ilẹ̀, kì í lè gba omi púpọ̀. Ohun tí n kò ní gbà ni kí ẹ máa wí pé ẹ fẹ́ kí ilẹ̀ gba ẹ̀kún rẹ́rẹ́ rẹ̀, kí ẹ wá fi 6.25 fín in. Èyí tó kù díẹ̀ kò pa ohun ọ̀gbìn. Èyí tó le jù ń jó o lójú ẹsẹ̀.

Ata Àǹtí mi ti ń yọ òdòdó, ewé rẹ̀ ti pọ̀. Lítà 22.5 la yàn.

Ìgbésẹ̀ 8: Pípín in sí pọ́ǹpù àti sí ṣíbí

Pọ́ǹpù àpọ̀nsẹ́yìn wọn ń gba lítà 16. Bí wọ́n bá kún un lẹ́ẹ̀kan, lítà 6 àti ààbọ̀ yóò kù fún ìkejì, ìwọ̀n méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọn yóò sì bù. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ń bá wọlé. Mo ní kí wọ́n pín in dọ́gba: lítà 11.25 lẹ́ẹ̀mejì, gíráàmù 56 fún ẹ̀ẹ̀kan. Ìgò sẹ́ǹtílítà 75 mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni lítà 11.25, kò lé, kò dín. Wọ́n ka ìgò 15 sínú pọ́ǹpù lẹ́ẹ̀kan, wọ́n fi máákà fa ìlà sí ibi tí omi dé lára rẹ̀, kò tún sí kíka mọ́.

Ó wá ku gíráàmù 56. Aládùúgbò wọn tó ń ṣe kéèkì ní ìwọ̀n orí tábìlì. Mo ní kí wọ́n bu ṣíbí ìjẹun mẹ́wàá, kí wọ́n fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ fá a dọ́gba, kí ó má ga bí òkè, kí wọ́n wọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá pọ̀. Ó wọn gíráàmù 140. Ṣíbí kan jẹ́ 14, ṣíbí mẹ́rin sì jẹ́ 56. Ìdáhùn ìbéèrè alẹ́ Sátidé nìyẹn: ṣíbí mẹ́rin tí a fá, nínú ìgò omi 15, lẹ́ẹ̀mejì.

Kí ló dé tí mo ní mẹ́wàá, tí n kò ní ẹyọ kan? Ọ̀pọ̀ ìwọ̀n orí tábìlì kì í ka nǹkan kékeré dáadáa. Ó lè ṣì ṣe gíráàmù kan tàbí méjì. Bí a bá wọn mẹ́wàá tí a sì pín in, àṣìṣe náà á kéré. Ẹ má sì gba 14 tèmi yìí o. Ṣíbí yàtọ̀, ajílẹ̀ náà sì yàtọ̀, òmíràn kúnná, òmíràn rí bí iyọ̀.

Bí kò bá sí ìwọ̀n rárá, ọ̀rá kílò kan tí a kò tíì tú ni ìwọ̀n yín. Ẹ da gbogbo rẹ̀ sórí ọ̀rá ńlá tó gbẹ, ẹ pín in sí ìdajì dọ́gba, ẹ tún ìdajì náà pín, títí ẹ ó fi pín in lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Òkìtì tó bá kẹ́yìn jẹ́ gíráàmù 62.5, lítà 12.5 ni ó sì ń fẹ́. Kò pé bí ti ìwọ̀n, ó sàn ju ìfojúwò lọ.

Ìgbésẹ̀ 9: Pípò àti fífín

Ẹ má da ìyẹ̀fun sínú pọ́ǹpù gbígbẹ. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀, lítà àkọ́kọ́ á le kankan, èyí tó kẹ́yìn á jẹ́ omi lásán. Ẹ po ṣíbí mẹ́rin náà sínú omi díẹ̀ nínú garawa, lára ìgò 15 yẹn, títí ojú rẹ̀ yóò fi mọ́. Ẹ fi aṣọ àlà sẹ́ ẹ sínú pọ́ǹpù tí omi ti dé ìdajì, kí ẹ wá fi omi tó kù kún un. Bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ púpọ̀ bá kù sínú aṣọ, tí kò yọ́ lẹ́yìn pípò fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ fura sí ọ̀rá náà: ajílẹ̀ irú èyí yẹ kó yọ́ sómi tán.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ da oògùn kòkòrò mọ́ ọn kí iṣẹ́ lè yá, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ara oògùn náà wí. Tí kò bá gbà yín láàyè, ẹ fín in lọ́jọ́ ọ̀tọ̀. Èyí tí n kò lè fojú fò ni pọ́ǹpù tí wọ́n ti fi fín oògùn apakoríko rí. Èyí tó ṣẹ́kù díẹ̀ nínú rọ́bà rẹ̀ tó láti ba ata jẹ́, pàápàá oògùn tí wọ́n kọ 2,4-D sí lára. Ewé tí 2,4-D bá mú máa ń lọ́ pọ̀, á tẹ́ẹ́rẹ́, á rí bí okùn. Kì í jó ní etí. Ọ̀pọ̀ ń dá ajílẹ̀ lẹ́bi fún ohun tí pọ́ǹpù ṣe.

Kí Àǹtí mi tó fín gbogbo oko, mo ní kí wọ́n fín igi ata mẹ́wàá tó wà ní igun kan, ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn ti rọ̀, kí wọ́n fi ọjọ́ méjì wò ó. Bí ajílẹ̀ bá le jù, ṣóńṣó ewé àti etí rẹ̀, níbi tí omi ti ń dúró jọ, á gbẹ, á di àwọ̀ ilẹ̀. Ewé tuntun tó bá yọ lẹ́yìn náà á mọ́. Ìyẹn ni a fi ń mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí àrùn, nítorí àrùn á máa bá a lọ sórí ewé tuntun. Bí ẹ bá fín in tán tí ẹ wá rántí pé ṣíbí ti lé, ẹ tètè fi omi lásán fín in kí ó tó gbẹ sórí ewé.

Igun ata mẹ́wàá náà kò yí padà. Wọ́n fín ìyókù ní ọjọ́ kẹta.

Ohun tí ọ̀rá yìí kò lè ṣe

Mo ní a ó padà sí 20-20-20. Nínú gíráàmù 112.5 tí Àǹtí mi fín, ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ni náítírójìn:

```
112.5 × 20 ÷ 100 = 22.5 g
```

Gíráàmù 22.5 ni gbogbo náítírójìn tó dé orí oko odindi. Ajílẹ̀ oníkóró 15-15-15 tó wọn gíráàmù 150 ní iye náítírójìn kan náà, ìyẹn kò sì ju bíi ẹ̀kúnwọ́ méjì lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá ti bu ajílẹ̀ sí ìdí ata rí mọ̀ pé ẹ̀kúnwọ́ méjì kò lè bọ́ pulọ́ọ̀tì kan. Àfikún ni ajílẹ̀ fífín, ó wúlò nígbà tí gbòǹgbò kò bá lè fa oúnjẹ dáadáa, tàbí nígbà tí ata bá ń fẹ́ àwọn èròjà bíńtín bíi síńkì àti irin, bí wọ́n bá wà nínú rẹ̀.

Nítorí náà, bí ewé ìsàlẹ̀ ata yín bá ń pọ́n láti ìsàlẹ̀ bọ̀ wá sókè, tí gbogbo oko sì funfun bí ẹni àìsàn, ẹ má fi ṣíbí kún pọ́ǹpù. Ilẹ̀ ló ń ké, kò sì sí 5 g/L tó lè dá a lóhùn. Ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà tàbí ajílẹ̀ oníkóró ni kí ẹ gbé lọ sí ìdí rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, fọ́tò mìíràn dé láti Ìsẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí `Document` báyìí. Ọ̀rá kan náà ni, wọ́n ti fi okùn so ẹnu rẹ̀ pinpin kí ó má di òkúta. Wọ́n ti fi máákà dúdú kọ ọ́ sí iwájú, lórí 20-20-20 gan-an: “Ṣíbí 4, ìgò 15, ẹ̀ẹ̀mejì.” Mo ní kí wọ́n fi ìlà kan kún un: “Ọ̀rá yìí nìkan, ṣíbí yìí nìkan.” Wọ́n dáhùn pé àwọn ti so ṣíbí náà mọ́ ọn.